Ìṣẹ́jú Mẹ́ta fún Ọpẹ́

Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù ní gbọ̀ngàn tí àwọn agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì ti ń ṣe sẹ́mínà láti àárọ̀, ọkàn ọ̀pọ̀ wọn á ti wà lójú ọ̀nà. Ẹnì kan ń ká wáyà ṣájà rẹ̀, ẹlòmíì ń yọjú wo tábìlì ẹ̀yìn tí wọ́n to sátífíkéètì sí. Wọn kò jẹ̀bi. Ní Nàìjíríà, nọ́ọ̀sì tó fẹ́ tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ gbà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ṣì ń kọ́ ohun tuntun nínú iṣẹ́ náà, ìwé tó wà lórí tábìlì yẹn sì ni ẹ̀rí. Àsìkò yìí gan-an ni atọ́kùn ètò máa ń sọ pé ó ku ohun kan ṣoṣo, tí yóò sì pe ẹni tí yóò sọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́.

Ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé e kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni náà á kí gbogbo àwọn tó wà lórí àga ọlá lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oyè wọn. Á ní ọ̀rọ̀ àwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́ dùn, ó lárinrin, ó kún fún ìmọ̀. Á tún ohun tí wọ́n sọ sọ, àtèyí tó yé e àtèyí tí kò yé e. Á dárúkọ ogún ènìyàn, á gbàgbé ẹni kọkànlélógún, á sì wá bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹni tí òun bá gbàgbé má ṣe bínú. Kó tó parí, ìdajì gbọ̀ngàn ti dìde.

Ẹni náà lè mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa níbòmíì. Ohun tó ń fà á ni pé ó gbé ọ̀rọ̀ tó ti kọ parí wá láti ilé, tàbí kó jẹ́ pé kò múra rárá. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì. A lè kọ ọ̀rọ̀ alága, ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ àti ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ní ti ìdúpẹ́, ìdajì rẹ̀ la lè múra sílẹ̀. Ìdajì yòókù wà nínú ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí yóò dúpẹ́ ló yẹ kó fetí sílẹ̀ jù lọ nínú gbọ̀ngàn náà.

Àṣà yìí ti pẹ́. Nínú ìpàdé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìdúpẹ́ jẹ́ àbá tí ẹnì kan máa ń dá, tí ẹlòmíì á kín in lẹ́yìn, tí gbogbo ilé á sì fọwọ́ sí i. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn máa ń fọwọ́ sí irú ọpẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀gágun tó bá ṣẹ́gun. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1814, Wellington, ọ̀gágun tó lé àwọn ọmọ ogun Napoleon kúrò ní Sípéènì, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé náà wá láti fèsì sí ọpẹ́ tí wọ́n dú fún un.

Àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ náà ń ṣe é, wọn kò sì fi ṣeré. Nínú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò tó ní àṣẹ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹnì kan bá ti ka iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ síta tán, ẹnì kan á dá àbá ìdúpẹ́, ẹlòmíì á kín in. Àwọn méjèèjì á ti ka iṣẹ́ ọ̀hún kí ọjọ́ tó pé, wọ́n sì máa ń tẹ ọ̀rọ̀ wọn mọ́ iṣẹ́ náà nínú ìwé ẹgbẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1934, Ronald Fisher ló ka iṣẹ́, Arthur Bowley ni wọ́n sì ní kó dá àbá ìdúpẹ́. Bowley rán àwọn ènìyàn létí Báláámù inú Bíbélì, ẹni tí wọ́n pè wá ṣépè tó sì lọ súre. Ó ní ó ṣeé ṣe kí tòun jẹ́ òdìkejì rẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú iṣẹ́ Fisher palẹ̀. Nígbà tó kan Fisher láti fèsì, ó ní ọ̀rọ̀ kíkorò tí wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ òun lè ya àlejò lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò ya òun lẹ́nu.

Sẹ́mínà àwọn agbẹ̀bí kì í ṣe pápá irú ìjà yẹn, kò sì sẹ́ni tó ń retí kí adúpẹ́ tú olùkọ́ palẹ̀ níwájú èrò. Síbẹ̀, Bowley ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ adúpẹ́ kò ní. Ó mọ ohun tí ọkùnrin náà sọ. Ìwà pẹ̀lẹ́ ló ṣẹ́kù fún un.

Ká wá mú àpẹẹrẹ sẹ́mínà ọlọ́jọ́ kan tí àwọn agbẹ̀bí ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣe lórí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára obìnrin lẹ́yìn ìbímọ. Àpẹẹrẹ la fi ìpàdé náà ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ ní tòótọ́. Olùkọ́ mẹ́ta ló wá.

Apòògùn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọsitósínì ni ó gbé wá, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún obìnrin ní kété tí ọmọ bá ti wálẹ̀ kí ilé ọmọ lè fún pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ sì dá. Ó ṣàlàyé pé oògùn yìí fẹ́ òtútù tó wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, àti pé bí ooru bá ti mú un pẹ́, agbára rẹ̀ á máa dínkù láìjẹ́ pé ojú lè rí i. Ó ní kí wọ́n má ṣe tò ó sí ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì, nítorí ibẹ̀ ló máa ń gbóná ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i. Lẹ́yìn náà ló bi wọ́n pé ta ló mọ bí fíríìjì ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti tutù tó. Ọwọ́ mẹ́ta péré ló nà sókè.

Dókítà ló tẹ̀ lé e. Ìyẹn sọ̀rọ̀ lórí ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2023, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Tansaníà. Ní ìdajì àwọn ilé ìwòsàn náà, wọ́n ń tẹ́ aṣọ ọ̀rá aláàmì sí abẹ́ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú rẹ̀, kí agbẹ̀bí sì rí iye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó bá ti tó 500 mílílítà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, láìdúró wo bóyá ti àkọ́kọ́ á ṣiṣẹ́. Níbi tí wọ́n ti ṣe báyìí, nínú obìnrin 100 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń dà jù, wọ́n tètè mọ nǹkan bíi 93. Níbi tí wọ́n ti ń fojú díwọ̀n bí ti àtẹ̀yìnwá, nǹkan bíi 51 ni wọ́n mọ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà wá di ńlá fún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 16 nínú 1,000 lọ́hùn-ún, 43 nínú 1,000 níhìn-ín.

Ẹnì kẹta ni Mátírọ́ọ̀nù kan tó ti fẹ̀yìn tì. Kò mú ìwé kankan lọ́wọ́. Ó da sobo sórí aṣọ funfun mẹ́rin, ó ní kí kálukú kọ iye tó rò pé ó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí aṣọ tó da 500 mílílítà sí, ọ̀pọ̀ wọn kọ 250. Ó wá pín wọn ní méjì-méjì, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ pa ikùn kí ilé ọmọ tó rọ̀ lè le, ó sì ń rìn láti ẹgbẹ́ kan dé ẹgbẹ́ kejì fún wákàtí méjì gbáko.

Láàárín gbogbo ìyẹn, iná lọ ní aago mọ́kànlá. Òṣìṣẹ́ gbọ̀ngàn sáré tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀kọ́ sì ń bá a lọ. Oúnjẹ dé lásìkò. Ilé iṣẹ́ kan ló fi aṣọ aláàmì ogójì tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́ náà ta wọ́n lọ́rẹ.

Ọ̀dọ́ agbẹ̀bí kan ni wọ́n yàn láti dúpẹ́, wọ́n sì ti sọ fún un láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ohun tó ṣe ní ọjọ́ tó ṣáájú kò ju mẹ́ta lọ. Ó gba ìwé ètò, ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó máa sọ̀rọ̀ jáde. Ó tẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ láago láti mọ oyè tí kálukú ń jẹ́ báyìí àti bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ tí kì í ṣe ti Yorùbá láàárín wọn. Ó sì béèrè ẹni tó san owó kí ni. Ìbéèrè kẹta yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fojú fò, òun náà ló sì máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí wọ́n bá dúpẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó san owó gbọ̀ngàn, ẹni méjì ni wọ́n ti ṣẹ̀.

Ní ọjọ́ náà fúnra rẹ̀, ó jókòó sí iwájú pẹ̀lú bébà kan tó ti fi ìlà pín sí méjì. Orúkọ wà ní apá òsì. Apá ọ̀tún ṣófo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wá ohun kan ṣoṣo tí yóò kọ síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan: ohun tí ẹni náà ṣe tàbí sọ, tí àwọn tó wà níbẹ̀ yóò rántí pé àwọn fojú àwọn rí i. Ó lè jẹ́ iye kan, ó lè jẹ́ ìbéèrè, ó lè jẹ́ bí olùkọ́ ṣe fèsì fún ẹni tó ta kò ó. Síwájú orúkọ apòògùn, ó kọ “ọwọ́ mẹ́ta”. Síwájú ti dókítà, “93, 51”. Síwájú ti Mátírọ́ọ̀nù, “sobo”. Ó tún kọ “jẹnẹrétọ̀, 11” sí ìsàlẹ̀, ó sì bi ẹni tó jókòó tì í pé kí ni orúkọ òṣìṣẹ́ náà.

Bó ṣe sọ ọ́ nìyí. Níbi tí oyè nìkan wà níhìn-ín, orúkọ ni kó wà nínú ti gidi.

“Alága wa, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó kó wa jọ, tí yóò sì mú kálukú wa délé láyọ̀.

“Ọ̀gá wa apòògùn, láàárọ̀ yìí, ẹ bi wá bí fíríìjì wa ti tutù tó, ọwọ́ mẹ́ta péré ló nà sókè. Ẹ ò bú wa. Ẹ mú tẹmómítà jáde, ẹ fi bí a ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ hàn wá. Ẹ ṣeun gan-an ni, sà.

“Dókítà, a gbọ́ pé ibi iṣẹ́ alẹ́ lẹ ti wá. Ẹ kú àìsùn, sà. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tí a kò tètè rí ni kò jẹ́ ká tètè tọ́jú rẹ̀: 93 níbi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, 51 níbi tí wọ́n ti fojú díwọ̀n. Iye méjèèjì yìí ti wà lára ògiri yàrá ìgbẹ̀bí wa láti ọ̀la lọ.

“Màmá wa Mátírọ́ọ̀nù, gbogbo ẹ̀rí tí dókítà mú wá láti ìlú mẹ́rin, sobo ìgò kan ni ẹ fi fi í hàn wá nínú gbọ̀ngàn yìí. Àwa fúnra wa la kọ 250. Ẹ kú ìdúró, mà. Láti aago méjìlá ni ẹ kò ti jókòó.

“Alága wa, ẹ kú àkóso, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lásìkò, ẹ sì ń jẹ́ ká parí lásìkò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fún wa ní ogójì aṣọ aláàmì, ẹ kú ìnáwó. A ò bá má rí nǹkan kan fọwọ́ kàn lónìí. Bọ̀dá tó tan jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná lọ ní aago mọ́kànlá, ẹ ṣé o, a rí yín. Ẹ̀yin màmá tẹ́ ẹ dáná, ẹ kú làálàá.

“Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ṣé tí ẹ dúró. Sátífíkéètì yín ń bẹ lórí tábìlì ẹ̀yìn. Ó dàbọ̀.”

Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yẹn síta ní ìrọ̀rùn, tó sì fi àyè sílẹ̀ fún àtẹ́wọ́, kò ní kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó kúrú, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé wọ́n kò dúpẹ́ tó. Ohun tó fún un ní ìwọ̀n ni àwọn ohun tó wà ní apá ọ̀tún bébà ọjọ́sí. Bí a bá yọ “ọwọ́ mẹ́ta”, “93, 51” àti “sobo” kúrò, ohun tó máa ṣẹ́kù ni ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, èyí tí wọ́n lè lọ sọ níbi ìpàdé àwọn oníṣirò owó ní ọjọ́ kejì láìyí ohunkóhun padà. Ìdánwò tó dára jù fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nìyẹn: bí ó bá bá olùkọ́ mìíràn mu ní sẹ́mínà mìíràn, kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n sì wá òmíràn.

Kíyè sí i pé kò ṣàkópọ̀ ẹ̀kọ́. Kò ṣàlàyé ohun tí ọsitósínì ń ṣe, nítorí gbogbo wọn ló wà níbẹ̀ nígbà tí apòògùn ń ṣàlàyé rẹ̀. Ó kàn fi ìka kan ohun tí wọ́n jọ rí, ó sì kọjá. Ibi tí ọ̀pọ̀ adúpẹ́ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n rò pé ẹ̀rí pé àwọn gbọ́ ni pé káwọn tún un sọ. Bí wọ́n bá sì tún un sọ, ó lè jẹ́ pé wọ́n á tún un sọ ní òdì. Ẹni tó bá ní 300 mílílítà níbi tí dókítà ti ní 500 ti ba ẹ̀kọ́ jẹ́ fún àwọn tó ń lọ sílé, dókítà kò sì ní láǹfààní láti dìde tún un ṣe.

Ọ̀nà tó gbà kí wọn náà ṣe pàtàkì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe ni wọ́n fi ń kí i: ẹni tó náwó gba ti ìnáwó, ẹni tó dúró pẹ́ gba ti ìdúró. Ọ̀dọ́ agbẹ̀bí náà kò nílò ọ̀rọ̀ ńlá kankan láti yin àwọn àgbà tó ju òun lọ. Bí ọmọdé bá dìde ní gbọ̀ngàn, tó ní ọ̀gá apòògùn ṣe dáadáa, tó ní ẹ̀kọ́ dókítà péye, ńṣe ló dà bíi pé ó ń fún wọn ní máàkì. Ṣùgbọ́n bó bá ní “ẹ kú àìsùn, sà”, ó ti yìn wọ́n, kò sì gbé ara rẹ̀ ga.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ kò ṣèèṣì. Àwọn tó fúnni ní ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ wá, nítorí tiwọn ni èrò fi wá. Alága tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà ni onígbọ̀wọ́, lẹ́yìn náà ni àwọn tó ṣiṣẹ́ níbi tí ojú kò tó. Àwọn olùgbọ́ ló parí rẹ̀. Bí ọba tàbí kọmíṣọ́nnà bá wà níjòkòó, àwọn ni kí ó kọ́kọ́ kí, kíkí náà kò sì gbọdọ̀ ju gbólóhùn kan lọ. Fún àwọn yòókù tó wà lórí àga ọlá, ó tó láti sọ pé òun dúró lórí ìkíni àwọn tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú. Àtọ́kùn ètò ti kí wọn, alága ti kí wọn, olùkọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kí wọn. Ìkíni ẹlẹ́ẹ̀kẹfà kò ní fi ohunkóhun kún ọlá wọn.

Ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ ló gba ìṣọ́ra jù. Ọ̀pọ̀ sẹ́mínà ìlera ni ilé iṣẹ́ tó ń ta oògùn tàbí ohun èlò máa ń náwó sí. Wọ́n yẹ lẹ́ni tí à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ohun tí wọ́n fún wa, ká sì dárúkọ ohun náà. Ohun tí kò yẹ ni kí adúpẹ́ wá sọ pé ọjà wọn ló dára jù lọ, kó sì rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti máa rà á. Lójú ẹsẹ̀, ìdúpẹ́ ti di ìpolówó, àwọn tó sì ti fi gbogbo ọjọ́ fọkàn tán ẹ̀kọ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé ta ló rán olùkọ́ wá.

Orúkọ tún ni ibòmíràn tí ìdúpẹ́ ti máa ń dá ìjà sílẹ̀. Bí ènìyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí wọn kò bá dá tirẹ̀ yóò gbọ́ àìdá náà ketekete, ẹ̀bẹ̀ ìgbẹ̀yìn kò sì ní wò ó sàn. Ọ̀nà àbáyọ kò le. Kí wọ́n dárúkọ àwọn tó sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ṣe ohun àrà ọ̀tọ̀ kan tí a lè tọ́ka sí, kí wọ́n sì kí ìgbìmọ̀ lápapọ̀. Bọ̀dá jẹnẹrétọ̀ yẹ fún dídárúkọ nítorí gbogbo ènìyàn ló rí iná tó padà wá. Bí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ ọmọ ìgbìmọ̀ kan nìkan, ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó ṣe tí àwọn yòókù fúnra wọn á sọ pé òótọ́ ni.

Kí wá ni ká ṣe bí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ bá dá wa lójú tì? Ó ṣẹlẹ̀ dáadáa. Olùkọ́ lè pẹ́ dé, ó lè máa ka ohun tó wà lára ògiri láìgbójú sókè, ó lè fi ogún ìṣẹ́jú kọjá àkókò rẹ̀. Adúpẹ́ kò gbọdọ̀ purọ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, torí àwọn tó jókòó náà gbọ́ ọ. Kò sì gbọdọ̀ fi í ṣẹ̀fẹ̀. Kó wá ohun kan tó jẹ́ òótọ́, bó ti wù kó kéré mọ: ìrìn àjò tó rìn wá, àwòrán kan tó ran ènìyàn lọ́wọ́, ìdáhùn kan tó fún ẹnì kan ní ìkẹyìn. “Ẹ kú ìrìn, sà, ìdáhùn tẹ́ ẹ fún arábìnrin tó béèrè nípa ìfúnpá gíga, a máa mú un lò.” Ó ti tó. Olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ máa ń mọ̀ bí wọ́n bá ń yìn ín fún ohun tí kò ṣe.

Àkókò lè má tó. Bí ètò bá ti fa dé aago márùn-ún, tí alága sì ń wo aago rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti pọ̀ jù. Ọ̀dọ́ agbẹ̀bí náà ti múra èyí sílẹ̀ láì fi àkókò ṣòfò: ó fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan péré fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan. Fíríìjì, 93 àti 51, sobo, jẹnẹrétọ̀, ẹ ṣé, ó dàbọ̀. Ìṣẹ́jú kan, kò sì sí ẹni tó sọ nù. Ẹni tó bá mú ojú ìwé mẹ́ta wá láti ilé kò ní mọ ibi tí yóò gé e sí, nítorí kò sí ìyàtọ̀ láàárín ojú ìwé kìíní àti ìkẹta.

Àwọn olùṣètò náà lọ́wọ́ nínú bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń rí. Nínú ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀, ìdúpẹ́ ni ipò tí wọ́n máa ń fún ẹni tí wọn kò rí nǹkan mìíràn fún, tàbí ẹni tó ń bínú pé wọn kò fi òun ṣe alága. Wọ́n á sì wá sọ fún un nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán bá ń lọ lọ́wọ́. Kí wọ́n yan ẹni tó máa wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tó mọ iṣẹ́ náà débi tí yóò fi mọ ohun tuntun yàtọ̀ sí ti àtijọ́, tí kò sì níṣẹ́ mìíràn ní ọjọ́ náà. Ẹni tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà kò lè gbọ́ ohun tí apòògùn sọ. Kí wọ́n sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí wọ́n fún un ní orúkọ àti oyè tó péye, kí wọ́n sì bá a wá àga sí iwájú.